Pálọ̀ ló ń yan lẹ́ǹsì: práìmù tàbí súùmù fún eré olówó kékeré ní Àbújá

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe eré àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Àbújá ló máa ń ra lẹ́ǹsì práìmù 50mm f/1.8 kó tó ra ohunkóhun mìíràn. Owó rẹ̀ kò wọ́n, àwòrán rẹ̀ mọ́, ohun tó wà lẹ́yìn òṣèré a sì máa rọ̀ bí ìkùukùu. Ìgbà tí wọ́n bá gbé e wọ pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 ní Kúbwà tàbí Nyányà ni wọ́n á tó rí i pé ẹ̀yìn àwọn ti kan ògiri, kámẹ́rà kò sì tíì rí ju orí àti àyà òṣèré kan lọ. Lẹ́ǹsì náà kò ní àléébù. Pálọ̀ ni kò gbà á.

Lẹ́ǹsì práìmù kò ní ju nọ́ńbà mm kan lọ: 24mm, 35mm, 50mm. Bí ojú òṣèré yóò bá tóbi sí i nínú àwòrán, àfi kí ẹni tó mú kámẹ́rà gbé ẹsẹ̀. Súùmù ní òrùka tí à ń yí. 18-55mm tó sábà máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí lè là gbàràgàdà dé 18, ó sì lè fa nǹkan mọ́ra dé 55. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe ń fẹ̀ tó. Nọ́ńbà kejì, èyí tí f/ ṣáájú rẹ̀, ló ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe tóbi tó. Nọ́ńbà yìí ni à ń fi pín mm, ìdí nìyẹn tí f/2 fi tóbi ju f/4 lọ. Lẹ́ǹsì 24mm tó wà ní f/2 ní ihò tó fẹ̀ tó milimítà 12. Ní f/4, milimítà 6 ló kù. Ihò tó bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin. Ibẹ̀ gan-an ni agbára práìmù wà, nítorí èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè ṣí dé f/1.8 tàbí f/2, nígbà tí súùmù inú páálí kì í ṣí kọjá nǹkan bí f/4 ní 24mm, tó bá sì dé 55mm, ó ti há dé f/5.6.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìran kan wọ inú pálọ̀ náà. Ilẹ̀ ti ṣú, iná ti lọ. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àga gígùn tó fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó ilé, làǹpù oníṣájì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.6. Kámẹ́rà àti ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ á gba ó kéré tán 60cm lára rẹ̀, àga àti ara òṣèré á gba bí 60cm mìíràn. Ohun tó kù láàárín lẹ́ǹsì àti ojú òṣèré ò ju mítà 2.4 lọ. Ìbú ohun tí kámẹ́rà máa rí níbẹ̀ ṣeé ṣírò:

```
ìbú = jíjìn × 23.5 ÷ mm
```

23.5 yẹn ni ìbú sẹ́ńsọ̀, ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà, irú APS-C tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú, ní milimítà. Ti Canon jẹ́ 22.3, ti fullframe, irú tó tóbi jù ú lọ, jẹ́ 36. Pẹ̀lú 50mm, 2.4 lọ́nà 23.5 tí a fi 50 pín fún wa ní mítà 1.13, ìyẹn ènìyàn kan láti orí dé àyà. Pẹ̀lú 35mm, mítà 1.6 ni: àwọn méjèèjì lè fún ara wọn wọ inú rẹ̀ bí wọ́n bá fara kanra, ṣùgbọ́n ìyá àti ọmọ tó ń bínú síra wọn kì í jókòó bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú 24mm, ó di mítà 2.35: àga gígùn wọlé, wọ́n wọlé, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ara wọn náà wọlé, òun ló sì ń sọ ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kámẹ́rà fullframe yóò rí mítà 1.7 pẹ̀lú 50mm kan náà, nítorí náà ìmọ̀ràn tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde lè ṣi ẹni tó ń lo APS-C lọ́nà.

Ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Ìyára ṣọ́tà, ìyẹn bí àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún fíréèmù kọ̀ọ̀kan ṣe kúrú tó, kì í ṣe ohun tí a lè fi wá ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀. Bí a bá ń ya fíréèmù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1/50 ni à ń fi í sí kí ìrìn ènìyàn má baà rí bákan. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa náà ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà 1/50 kì í jẹ́ kí gílóòbù máa ṣẹ́jú nínú àwòrán nígbà tí iná bá dé. Ihò lẹ́ǹsì àti ISO, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó gbà, ló kù. Ká sọ pé làǹpù wà ní mítà 2 sí ojú ìyá, tí súùmù wà ní 24mm f/4, tí kámẹ́rà sì ń béèrè ISO 6400 kí ojú náà tó hàn dáadáa. Ní ISO yẹn, àwòrán ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó kékeré ti ń ta hóró-hóró bí ìgbà tí wọ́n bu iyanrìn lù ú, àwọ̀ dúdú òṣèré sì ń di eérú. Bí a bá fi práìmù 24mm tàbí 25mm tó ṣí dé f/2 rọ́pò rẹ̀, ISO á wálẹ̀ sí 1600. Èyí tó ṣí dé f/2.8 nìkan, bí i 24mm tẹ́ẹ́rẹ́ ti Canon, á mú un wá sí 3200.

Ṣé a ò wá ní nílò práìmù fún àwòrán ojú náà ni? Ibí ni mo ti yapa sí ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ, pé práìmù ni kí a fi ya ojú. Nínú àwòrán fífẹ̀, làǹpù ò lè sún mọ́ òṣèré torí kámẹ́rà á rí i. Nínú àwòrán ojú nìkan, ó lè sún mọ́ ọn dáadáa, nítorí ìbú tí kámẹ́rà ń rí ti kéré. Ìmọ́lẹ̀ làǹpù a sì máa pọ̀ gan-an bí ó bá ṣe ń sún mọ́ni: láti mítà 2 sí mítà 1, ó di ìlọ́po mẹ́rin, láti mítà 2 sí 70cm, ó di bí ìlọ́po mẹ́jọ. Súùmù tó wà ní 50mm f/5.6, tí ì bá béèrè ISO 12800 nígbà tí làǹpù wà ní mítà 2, á béèrè 1600 péré bí a bá gbé làǹpù náà wá sí 70cm. ISO kan náà ni èyí pẹ̀lú ti práìmù f/2 nínú àwòrán fífẹ̀, àwọn àwòrán méjèèjì á sì bára mu nígbà tí a bá ń gé eré pọ̀. Sísún làǹpù ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ìyẹn kì í sì í ṣe èrè kan ṣoṣo. Fókọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Ní 50mm f/1.8, bí òṣèré bá wà ní mítà 1.5, ohun tó máa mọ́ kedere kò jìn ju 6 tàbí 7cm lọ, ìbú ìka mẹ́rin. Bí ìyá bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti gbé àwo, ojú rẹ̀ ti jáde kúrò nínú fókọ́ọ̀sì. Eré olówó kékeré kì í sì í ní ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kó máa fa fókọ́ọ̀sì nìkan. Ẹni tó di kámẹ́rà mú náà ló ń ṣe é, lórí gíláàsì kékeré tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọn kì í rí àṣìṣe náà títí wọ́n á fi gbé àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á rí i pé etí òṣèré mọ́, ojú rẹ̀ kò mọ́. Ní f/5.6, ìwọ̀n tó mọ́ á fẹ̀ dé bí 20cm, ìyá sì lè mí. Ní 24mm f/2 láti mítà 2.4, ó lé ní 80cm. Práìmù fífẹ̀ ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀ láì gba fókọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹni, èyí tí práìmù 50mm ò lè ṣe. Bí owó tó wà nílẹ̀ kò bá lè yá tàbí ra ju lẹ́ǹsì kan lọ fún ìran inú ilé, fífẹ̀ ni kó jẹ́, kí a fi àwòrán ojú sílẹ̀ fún súùmù inú páálí.

Làǹpù tó sún mọ́ni ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ìyá bá fi 20cm sún mọ́ làǹpù tó wà ní 70cm, ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, nítorí náà olùdarí gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa tẹ̀ sí kí wọ́n tó ya á. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ náà á ṣókùnkùn ju bó ṣe rí nínú àwòrán fífẹ̀ lọ. Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí a fi aṣọ bò, tí a gbé sílẹ̀ lẹ́yìn àga, ń tó láti dá a padà. Ọ̀nà kan náà tí ìmọ́lẹ̀ gbà wá tẹ́lẹ̀ ni kí a gbé làǹpù gbà, kí òjìji imú òṣèré má baà fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

Súùmù ní ewu kan tí práìmù kò ní: kì í dúró síbi tí a fi í sí. A ya ìyá ní 50, a yí kámẹ́rà sí ọmọ, ẹnì kan fi ọwọ́ kan òrùka náà, ó di 42, ojú ọmọ wá kéré ju ti ìyá lọ láì jẹ́ pé ìtàn ní kó kéré. Tépù dúdú ni à ń fi lẹ òrùka náà mọ́ ara lẹ́ǹsì lẹ́yìn tí a bá ti yan nọ́ńbà. A kì í sì í fi súùmù inú páálí fa ojú mọ́ra nígbà tí kámẹ́rà ń ká àwòrán: ihò rẹ̀ ń há bó ṣe ń fa, àwòrán á máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, fókọ́ọ̀sì á sì máa yẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó práìmù, súùmù yìí kan náà ló yẹ kó fi dán pálọ̀ wò. Ní ọ̀sán, kí àwọn òṣèré ṣe ìran náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a máa yí òrùka títí àwòrán kọ̀ọ̀kan á fi tẹ́ olùdarí lọ́rùn, kí a kọ nọ́ńbà tí òrùka dúró sí sínú ìwé. Bí ìran náà bá ní àwòrán mẹ́wàá, a máa ń rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kó jọ sí ibi méjì: nítòsí 24 àti nítòsí 50. Bó bá jẹ́ pé 18 ni gbogbo wọn ń béèrè, ẹ gbé àga kúrò lára ògiri tàbí kí ẹ gbé kámẹ́rà sí ẹnu ọ̀nà yàrá, nítorí práìmù 18mm tó ṣí dáadáa ti kúrò ní owó kékeré.

Ní ìta, ọ̀rọ̀ náà yí padà pátápátá. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan, pẹ̀lú 1/50 àti ISO 100, kámẹ́rà ń béèrè nǹkan bí f/22. Kí súùmù tó lè wà ní f/8, ó nílò gíláàsì dúdú ND8. Kí práìmù tó lè wà ní f/2, gíláàsì tó dúdú ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po 16 ló máa nílò. Ihò ńlá tí a sanwó fún ò wúlò níbẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, tí eruku láti apá Chad bo Àbújá, gbogbo ìgbà tí a bá yọ lẹ́ǹsì kan láti fi òmíràn sí i ni eruku ń wọlé sórí sẹ́ńsọ̀. Súùmù kan láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, láì yọ ọ́, ló dára jù. Bí ó bá di dandan láti pààrọ̀, inú ọkọ̀ tí a ti gbé gíláàsì rẹ̀ sókè ni, kí a pa kámẹ́rà, kí ojú rẹ̀ kọ sílẹ̀, kí lẹ́ǹsì kejì ti ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ kí a tó yọ èkíní.

Eruku tó ti wọlé kì í hàn ní f/2. Láti mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀, kí a fi lẹ́ǹsì sí f/16, kí a kọjú rẹ̀ sí ògiri funfun, kí a ya á, kí a wá yí kámẹ́rà díẹ̀, kí a tún ya á. Àmì dúdú tó bá dúró lójú kan nínú àwòrán méjèèjì wà lórí sẹ́ńsọ̀. Èyí tó bá bá ògiri yí kúrò, ògiri ló ni ín.