Ẹsẹ̀ tí wọ́n yà fún ejò: ibi tí òwe ọ̀rọ̀ mẹ́rin àwọn ará Ṣáínà ti wá

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìhà tí mo wà o. Òwe ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní ṣẹngyu (ṣẹng ni kí nǹkan di odidi, yu ni ọ̀rọ̀), àwọn agbaninímọ̀ràn ọba ló bí èyí tó dùn jù nínú wọn. Àwọn kan ní inú ìwé ewì àtijọ́ ló ti wá, torí ewì yẹn ń rìn ní sílébù mẹ́rin-mẹ́rin. Ó dáa, ìlù nìyẹn, àmọ́ ìlù kọ́ ni ìtàn jàre.

Ẹ wo hua ṣẹ tian su, "ya ejò, fi ẹsẹ̀ kún un". Ní nǹkan bí ọdún 323 kí wọ́n tó bí Jésù, Jao Yang ọ̀gágun ilẹ̀ Ṣu na ilẹ̀ Wei, ó gba ìlú mẹ́jọ, ojú ẹ̀ wá ń wo ilẹ̀ Ṣi. Ṣi bá rán Ṣẹn Jẹn, agbaninímọ̀ràn kan, sí i. Bàbá yẹn ò bẹ̀bẹ̀ o, ìbéèrè ló bi í: oyè wo lẹ máa ń fún ẹni tó bá ṣẹ́gun báyìí, èwo ló tún ga jùyẹn lọ? Jao Yang ní ó ku lingyin nìkan, olórí gbogbo ìjòyè. Ṣẹn Jẹn ní ọba ò sì ní fi èèyàn méjì jẹ lingyin, àbí? Ló bá pìtàn fún un, pé àwọn ìránṣẹ́ kan ṣe ètùtù tán, wọ́n fún wọn ní ife ọtí kan ṣoṣo, kò lè yó gbogbo wọn, ó sì pọ̀ fún ẹnì kan, ni wọ́n bá ní kí kálukú ya ejò sílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ yà á tán ló ni ọtí. Ẹnì kan tètè parí, ó fọwọ́ òsì gbé ife, ó ní òun ṣì ráyè ya ẹsẹ̀ fún un. Kó tó yà á tán, ẹlòmíì parí tiẹ̀, ó já ife gbà, ó ní ejò ò lẹ́sẹ̀, ta ló ní kó o yà á? Ó sì mu ún gbẹ. Jao Yang gbọ́, ó kógun ẹ̀ padà sílé. Ìtàn ló ṣáájú o, ẹnu aráyé ló gé e kù sí ọ̀rọ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà.

Ẹ tún kíyè sí àwọn ará Sọng, ilẹ̀ kan láyé ìgbà yẹn, àwọn ni wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ṣáá. Ará Sọng ni àgbẹ̀ tó ń fa irúgbìn sókè kó lè tètè dàgbà, títí gbogbo ẹ̀ fi rọ. Ará Sọng náà ni ti ṣou ju dai tu: ehoro forí sọ kùkùté lóko ẹ̀, ó kú, ló bá sọ ọkọ́ nù, ó jókòó ti kùkùté ń dúró de òmíì. Han Fei, amòye tó sọ ọ́, tó kú lọ́dún 233 kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn ọba tó ń fi òfin àtijọ́ ṣèlú ayé tuntun ló ń bá wí. Kí ló dé tó fi jẹ́ Sọng? Èmi rò pé torí ọmọ Ṣang ni wọ́n, ìdílé ọba tí àwọn Jou ṣẹ́gun, ẹni tó bá sì ti ṣubú, gbogbo ayé ní í fi ṣẹ̀fẹ̀.

Láyé ìdílé ọba Tang, Li Han to irú ìtàn báyìí ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin-mẹ́rin fún àwọn ọmọdé láti kọ́ sórí.