Kọmíṣọ̀n ìdá 20, lórí kí ni? Ẹ̀yin ọ̀gá oníláàṣì, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà

Ó ti sú mi kí ẹ máa gbé lẹ́tà wá bá mi lẹ́yìn tí ìjà bá ti dé. Ẹ ó lọ bá àwọn tó ń tẹ̀wé nítòsí LAUTECH, wọ́n á wá lẹ́tà tí wọ́n fi gba tíṣà kan síṣẹ́, wọ́n á yọ "tíṣà" wọ́n á fi "oníláàṣì" sí i, ẹ ó sanwó ẹ ó fọwọ́ sí i, ẹ rò pé ó ti tán. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́yà mi ò lè wò ó kí n má sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá kan àti ọmọ tó gbà síṣẹ́ jọ wá sọ́fíìsì mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, inú ń bí àwọn méjèèjì. Owó oṣù ọmọ yẹn jẹ́ ₦40,000, lẹ́tà wá ní "pẹ̀lú kọmíṣọ̀n ìdá 20 nínú 100", kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù yẹn ó fi láàṣì fún èèyàn 30, iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni ₦15,000. Ọmọ ní ₦450,000 nìyẹn, ìdá 20 ẹ̀ ₦90,000. Ọ̀gá ní rárá o, àwọn 10 nínú wọn jẹ́ sítúdẹ́ńtì tí òun yọ ₦3,000 fún lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ₦420,000 ló wọlé. Ó tún wá yọ owó gúlù, owó láàṣì àti epo jẹnẹrétọ̀, ₦120,000, ó ku ₦300,000, ló bá ka ₦60,000 lé e lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ó yọ owó epo."

"Ṣé ọwọ́ òfo ni mo fi ń tan jẹnẹrétọ̀ ni?"

Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ìdá 20 ni ti ọmọ, ìdá 20 náà ni ti ọ̀gá, ₦30,000 ló sì wà láàárín méjèèjì torí pé lẹ́tà ò sọ owó tí wọ́n ń yọ ìdá 20 látinú ẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣírò ẹ̀ lórí ohun tí kọ́sítọ́mà san gan-an, ₦84,000, ọ̀gá sì fi ₦24,000 tó kù kún un. Ìdí tí mo fi fara mọ́ èyí ni pé ọmọ fúnra ẹ̀ lè kà á látinú ìwé tí wọ́n ń kọ owó sí, àmọ́ ìnáwó ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bó bá di dandan kí ẹ yọ owó gúlù, ẹ kọ iye kan pàtó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, bíi ₦2,000, ẹ má kọ "ìnáwó" lásán. Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́: "Kọmíṣọ̀n rẹ jẹ́ ìdá 20 nínú 100 owó tí kọ́sítọ́mà san fún iṣẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ ṣe, kí a tó yọ ìnáwó kankan, a ó sì san án pẹ̀lú owó oṣù."

Ẹ kọ ti àtúnṣe náà sí i. Tí láàṣì bá já láàárín ọjọ́ 3, wọ́n á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní sí kọmíṣọ̀n tuntun, àmọ́ ẹ ò ní gba ti tẹ́lẹ̀ padà. Gúlù láàṣì, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un gan, torí ẹ̀ nígbà ọyẹ́ ó lè má tètè gan, láàṣì á sì máa já. Ẹ wá ń bu fáìnì lára owó ọmọ ọlọ́mọ! Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ò gbà á. Kódà bó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tí kò bìkítà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé kí ẹ tó yọ ohunkóhun.

Ti pùròbéṣọ̀n, oṣù 3 ti tó. Ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà pé kọmíṣọ̀n ń bá a rìn látọjọ́ àkọ́kọ́ tàbí kò bá a rìn, torí ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń jà. Láàárín oṣù 3 yẹn, nóótìsì ọjọ́ 1 lòfin ní kí ẹ fún ara yín kí ẹ tó pínyà, tó bá ti kọjá oṣù 3 tí ò tíì pé ọdún 2, ó di ọ̀sẹ̀ 1. Ẹ wá ń bú ọmọ tó ń bèèrè lẹ́tà pé kò nígbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ òfin ní kó má ju oṣù 3 lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹ tó fún un ní àdéhùn lórí ìwé.

Àkókò iṣẹ́, ẹ má kọ "9 sí 6" kẹ́ ẹ wá gba kọ́sítọ́mà ní 5:30. Láàṣì odindi lè gbà tó wákàtí 2 sí 3, torí náà ẹ kọ ọ́ pé 3:00 lẹni ìkẹyìn máa jókòó. Ọjọ́ 1 ìsinmi nínú ọjọ́ 7, wákàtí 1 ìsinmi lójúmọ́ tí iṣẹ́ bá tó wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin nìyẹn náà.

Àwọn tó ń fún ọmọ ní Bíbélì tàbí Kùránì kó búra pé òun ò ní kó kọ́sítọ́mà lọ, tí wọn ò wá fún un ní lẹ́tà kankan, ẹ jọ̀ọ́, ìbúra ò sọ iye kọmíṣọ̀n, kò sì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa san án. Ẹ tẹ lẹ́tà ní ẹ̀dà 2, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i kí ẹ kọ déètì, kọ́mọ mú ọ̀kan lọ sílé kó tó fọwọ́ kan ojú kọ́sítọ́mà kankan.