Oúnjẹ, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti líle okó

Ẹ̀jẹ̀ ló ń mú okó le. Kò sí egungun nínú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá lè ya wọ inú rẹ̀ tó bó ṣe yẹ, tàbí tí kò bá lè dúró níbẹ̀, okó kò ní le tó fún ìbálòpọ̀. Akúra ni Yorùbá ń pè é, ọ̀rọ̀ tó wúwo lẹ́nu débi pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń pa á mọ́ra fún ọdún pípẹ́ kí wọ́n tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí pé ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ ni, oúnjẹ tó ń dáàbò bo iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn náà ló ń dáàbò bo ti okó. Àpapọ̀ ohun tí ènìyàn ń jẹ láti oṣù dé oṣù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kò sí èso, ewé tàbí kóró kan ṣoṣo tó lè dá a ṣe.

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mú un le

Nínú gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní. Nígbà tí ara ọkùnrin bá dìde sí ìbálòpọ̀, awọ yìí àti àwọn iṣan ìmọ̀lára inú okó a máa tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní nítíríkì ọ́kísáìdì. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń mú kí ẹran tó yí iṣan ẹ̀jẹ̀ ká dẹwọ́. Bó bá ti dẹwọ́, ẹ̀jẹ̀ a rọ́ wọ àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú okó, tó rí bíi ti kànrìnkànrìn. Bí àwọn ihò náà ṣe ń kún, wọ́n a máa tẹ àwọn ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ìbá gbà jáde mọ́lẹ̀, okó a sì le. Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad gba ẹ̀bùn Nóbẹ́ẹ̀lì ní 1998 fún ìwádìí tó fi iṣẹ́ afẹ́fẹ́ yìí hàn nínú iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá tó ń lẹ̀ mọ́ iṣan àti sìgá ni wọ́n ń ba awọ náà jẹ́. Bó bá ti bàjẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde a dín kù, iṣan a sì yi. Iṣan ẹ̀jẹ̀ okó kò fẹ̀ ju mìlímítà 1 sí 2 lọ, nígbà tí ti ọkàn tó 3 sí 4. Ìdọ̀tí tí iṣan ọkàn ṣì lè gbà mọ́ra ti tó láti fa ìṣòro nínú ti okó. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà ọkàn kan ní Mìláànù, ní Ítálì, lára wọn ni Piero Montorsi, fi kọ ọ́ ní 2005 pé okó tí kò le mọ́ lè jẹ́ àmì àrùn ọkàn tó ń bọ̀. Àmì náà sábà máa ń ṣáájú ìrora àyà ní bí ọdún méjì sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó bá gba irú àmì yìí gbọ́ ṣì ní àyè láti tún nǹkan ṣe kí ọkàn tó kàn án.

Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Nápólì

Ìwádìí tó ṣe kedere jù lórí ọ̀ràn yìí ni èyí tí Katherine Esposito àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nápólì, ní Ítálì, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2004. Ọkùnrin 110 ni wọ́n kó jọ. Ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 35 sí 55, gbogbo wọn sanra púpọ̀, okó wọn kì í sì í le dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru nínú wọn. Ẹni 55 gba ìtọ́ni tó jinlẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa dín oúnjẹ kù, bí wọ́n ṣe máa yan ohun tí wọ́n ń jẹ, àti bí wọ́n ṣe máa rìn sí i. Ìmọ̀ràn gbogbogbòò lásán ni àwọn 55 yòókù gbà. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi tẹ̀ lé wọn.

Ìbéèrè márùn-ún tí àmì rẹ̀ kò kọjá 25 ni wọ́n fi wọn líle okó. Ẹni tó bá gba 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kò ní ìṣòro. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìpíndọ́gba àwọn tó gba ìtọ́ni jinlẹ̀ jẹ́ 13.9, lẹ́yìn ọdún méjì, ó di 17. Nínú wọn, ọkùnrin 17 ló dé orí 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹni 3 péré dé ibẹ̀ nínú àwọn tó gba ìmọ̀ràn lásán. Àkókò tí wọ́n fi ń rìn tàbí ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀ ti kúrò ní ìṣẹ́jú 48 sí 195.

Ó yẹ kí a ka iye wọ̀nyí dáadáa. Bí 17 bá yege nínú 55, 38 kò dé orí àmì náà. Ìrànlọ́wọ́ ni oúnjẹ ń ṣe, kò sì sí ẹni tó lè ṣèlérí àbájáde kan náà fún gbogbo ọkùnrin. Nítorí pé wọ́n pa oúnjẹ àti ìrìn pọ̀, a kò lè fi ìdánwò yìí mọ èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú méjèèjì. Àwọn olùwádìí kan náà tún ṣe èkejì ní 2006, lórí ọkùnrin 65 tí àwọn nǹkan bí ikùn, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ṣúgà ara wọn ti kọjá àlà. Nínú àwọn 35 tó ń jẹ ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà, ọkà tí a kò bó, kóró àti òróró ólífì, bíi ti àwọn ará etí òkun Mẹditaréníà, 13 ló dé orí 22. Nínú àwọn 30 yòókù, 2 péré ni.

Bí irú ìjẹun bẹ́ẹ̀ ṣe lè rí lórí tábìlì Yorùbá

Kò pọn dandan kí ará Ìbàdàn lọ wá òróró ólífì. Ohun tó mú àwọn abọ́ Nápólì yẹn dára ni ẹ̀wà àti ewé tó pọ̀, ẹja, ọ̀rá dídì tó kéré, àti ṣúgà tó kéré. Gbogbo wọn ló wà lọ́jà wa.

Mú abúlà fún àpẹẹrẹ. Ọkùnrin kan jókòó sí búkà, ó gba àmàlà mẹ́ta, ṣíbí gbẹ̀gìrì kan, ewédú díẹ̀, ọbẹ̀ ata tí epo léfòó lórí rẹ̀, ẹran ṣàkí àti pọ̀nmọ́, pẹ̀lú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Ẹni náà kò nílò láti fi abúlà sílẹ̀. Bó bá gba àmàlà kan tàbí méjì, tó sọ gbẹ̀gìrì di ṣíbí mẹ́ta, tí ewédú sì pọ̀, tó fi ẹja rọ́pò ṣàkí, tó sì mu omi, abọ́ náà ti yí padà. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, kì í jẹ́ kí ṣúgà yára ga nínú ẹ̀jẹ̀ bí àmàlà nìkan ṣe máa ń mú un ga. Nǹkan bí gíráàmù ṣúgà 35 sì lè wà nínú ìgò sẹ̀ntílítà 35 ọ̀pọ̀ ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn àgbà máa ń kìlọ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin pé nǹkan dídùn ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, tó sì ń sọ ọkùnrin di aláìlágbára. Àlàyé tiwọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ṣúgà púpọ̀ ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ lóòótọ́, ó sì ń kó ènìyàn sọ́nà àtọ̀gbẹ.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti àwọn ewé tútù mìíràn ní náítíréètì, tí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn orí ahọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ di ohun tí ara lè fi ṣe nítíríkì ọ́kísáìdì. Wọ́n tún ní pọ́tásíọ́mù, tó ń bá ara dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù. Inú omi ni méjèèjì máa ń yọ́ sí. Ẹni tó bá bọ ẹ̀fọ́, tó fún un gbẹ, tó sì da omi náà nù ti da púpọ̀ nínú wọn nù. Ó sàn kí a ṣan ewé náà mọ́ dáadáa, kí a sì jẹ́ kó rọ̀ nínú ọbẹ̀ tí yóò gbà á.

Iyọ̀ ni ibi tí ìjẹun wa ti ń kọsẹ̀ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, tí kò kún ṣíbí tíì kan. Bí ìdajì kóró màgí tó wọn gíráàmù 4 bá jẹ́ iyọ̀, bó ṣe sábà máa ń rí, kóró 6 nínú ìkòkò ọbẹ̀ ti gbé gíráàmù 12 wọlé. Fi ṣíbí tíì iyọ̀ kan kún un, ó di nǹkan bí 17. Bí ènìyàn mẹ́rin bá jẹ ẹ́ tán, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jẹ gíráàmù mẹ́rin lé díẹ̀ nínú oúnjẹ kan ṣoṣo. Kàún tí wọ́n ń fi sínú ewédú tàbí ẹ̀wà náà ní sódíọ̀mù nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dùn bí iyọ̀. Irú, ata, àlùbọ́sà àti edé lè gbé adùn tí a bá dín màgí kù, ahọ́n a sì ti mọ́ ọn lára láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Nípa epo, nǹkan bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá tó ń dì, òróró ẹ̀pà kò sì ju nǹkan bí ìdá márùn-ún lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù epo pupa. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà: ṣíbí ọbẹ̀ kan fún ẹnì kan tó. Ẹ̀pà, kajú àti òfíò jẹ́ ìpanu tó dára ju àwọn ìpanu tí wọ́n ń fi epo dín lọ, bí kò bá ti jẹ́ oníyọ̀.

Àwọn oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní oògùn

Wọn a ní òfíò pẹ̀lú àgbọn àti dàbínù, tàbí orógbó, tàbí wọtamẹ́lọ́ọ̀nù, ni oògùn akúra. Oúnjẹ ni wọ́n, kò sì sí ohun tó burú nínú jíjẹ wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń yin wọtamẹ́lọ́ọ̀nù ni síttúlínì tó wà nínú rẹ̀, èròjà kan tí ara lè lò láti ṣe nítíríkì ọ́kísáìdì. Nínú ìwádìí kékeré kan ní Ítálì tó jáde ní 2011, ọkùnrin 24 tí ìṣòro wọn kò le púpọ̀ lo síttúlínì gíráàmù 1.5 lójúmọ́, ìdajì wọn sì rí ìyàtọ̀. Láti inú èso náà, ó lè gba kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ṣúgà inú rẹ̀ sì tó gíráàmù 60.

Ewu tòótọ́ wà nínú àwọn àgbo àti pàrágà tó ń ṣiṣẹ́ láàrin wákàtí kan. Oúnjẹ tàbí ewé kì í ṣiṣẹ́ báyìí. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń mójú tó oògùn ti rí sílídénáfìlì, oògùn akúra tí dókítà ń kọ, nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ “egbòogi” sí lára. Bí ẹni tó ń lo oògùn náítíréètì fún àyà rẹ̀ bá mu un láìmọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lè wálẹ̀ débi tí yóò fi dákú tàbí kú.

Ibi tí oúnjẹ kò dé

Ohun tó fa ìṣòro náà lè hàn láti inú bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí okó bá ṣì ń le láàárọ̀, tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ aya nìkan ló ń kọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìrònú tàbí àìgbọ́ra-ẹni-yé wà nídìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń rọ̀, tí ti àárọ̀ náà sì dín kù, ó yẹ kí a wò iṣan ẹ̀jẹ̀, kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà òwúrọ̀, kí ènìyàn tó jẹun, tó bá dé 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ní mìlígíráàmù lórí désílítà, tí a sì tún un yẹ̀ wò tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Oúnjẹ kò ní tún iṣan ìmọ̀lára tí àtọ̀gbẹ ti jẹ fún ọdún púpọ̀, tàbí èyí tí iṣẹ́ abẹ pírósítéètì tó wà nídìí àpò ìtọ̀ gé, ṣe. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ṣàárẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ kó pọ́tásíọ́mù wọlé láìbá dókítà sọ̀rọ̀, ẹni tó ń lo wàfárínì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iye ewé tó ń jẹ dúró bákan náà láti ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀.

Ọkùnrin tí àyà rẹ̀ ń fún nígbà tó bá ń gun àtẹ̀gùn, tí okó rẹ̀ kò sì le mọ́, dókítà ọkàn ni kó kọ́kọ́ lọ rí, kó tó fọwọ́ kan oògùn kankan fún ìbálòpọ̀.