Ta ló jẹ 850 nínú àwòrán gààrí wa?

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ń kọ ìwé fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa tí ń yan gààrí lẹ́bàá Odògbolú. Ẹ̀gẹ́ kílò 1,000 wọlé, gààrí kóńgò 150 jáde, mo sì kọ ibi tí gbogbo rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú SankeyMATIC, ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ya àwòrán Sáńkì. Ọ̀nà tó wọ inú gààrí fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn, èyí tó jáde tín-ínrín bí okùn bàtà. Ìyá alága wò ó, wọ́n ní ta ló jẹ ìyókù. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Bá mi sọ fún Ìyá pé kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Kílò lo fi ka ẹ̀gẹ́, kóńgò lo fi ka gààrí, o sì fò láti oko bọ́ sínú gààrí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì.

Nínú àwòrán Sáńkì, fífẹ̀ ọ̀nà ni iye. Ọ̀nà tó gbé 100 gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì èyí tó gbé 50. Ọ̀gá ṣọ́jà kan tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, Sáńkì, ni orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ní 1898 ló ya irú rẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ń fi omi híhó ṣiṣẹ́, nítorí ó fẹ́ mọ̀ pé nínú gbogbo ooru tí wọ́n dá sí ẹ̀rọ náà, èló ló di iṣẹ́, ibo sì ni ìyókù sá lọ. Ìbéèrè Ìyá alága gan-an nìyẹn. Gbogbo ohun tó bá wọ inú àpótí kan nínú àwòrán náà ló gbọ́dọ̀ jáde, bí kò tiẹ̀ jáde síbi tó wù wá. Àpótí gààrí tìrẹ gba 1,000 wọlé, ó tú 150 síta. Bí o bá wò ó dáadáa, wàá rí i pé apá ọ̀tún àpótí náà ṣófo gbọnrangandan, ọ̀nà kankan ò jáde níbẹ̀. Níbikíbi tí o bá ti rí irú òfìfo bẹ́ẹ̀, ìṣirò ibẹ̀ ò pé.

Kóńgò ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe. Bu kóńgò mẹ́wàá bí ẹ ṣe ń bù ú fún oníbàárà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú òkìtì orí rẹ̀, dà á sínú àpò kan, kó o gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ká ní ó jẹ́ kílò 15. A jẹ́ pé kóńgò tiyín jẹ́ kílò kan ààbọ̀, 150 rẹ̀ sì jẹ́ kílò 225. Má yá òǹkà kóńgò ẹlòmíràn lò o. Gààrí tó gbẹ dáadáa kì í wúwo bí èyí tí omi ṣì wà lára rẹ̀, ọwọ́ tó ń bù náà sì yàtọ̀ síra. Ìyá kan wà tó jẹ́ pé òkìtì kóńgò rẹ̀ nìkan tó ẹ̀bà ẹnì kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, má fi oṣù ka iṣẹ́ yìí, ìdì ẹ̀gẹ́ kan ni kó o tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwọ náà mọ̀ pé gààrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe ohun tí a ń rin láàárọ̀ ká yan án lálẹ́. Ó ní láti wà nínú àpò fún ọjọ́ bíi mẹ́ta sí márùn-ún kó tó kan. Ẹ̀gẹ́ tó bá wọlé ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù, gààrí oṣù tó ń bọ̀ ni. Bí o bá ti ìwé pa níparí oṣù, èyí tó ṣì wà nínú àpò yóò dà bí èyí tó sọnù. Nítorí náà, so àkísà pupa mọ́ gbogbo àpò tó jẹ́ ti kílò 1,000 yẹn, kó o máa fi ojú tẹ̀ lé àkísà náà.

Ibi mẹ́rin ni òṣùwọ̀n ti gbọ́dọ̀ dé. Wọn ẹ̀gẹ́ nígbà tó bá tòde dé. Wọn ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá bó èèpo rẹ̀ tán. Wọn ọ́n nígbà tí jáàkì bá fún un gbẹ. Kó o wá wọn gààrí lẹ́yìn tó bá ti tutù. Omi tó ń kán nínú àpò kò nílò garawa: ó ti ń sun kí ẹ tó gbé jáàkì lé e, o ò lè gbá gbogbo rẹ̀ jọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n kejì àti ìkẹta ni omi náà. Pàǹtí tó kù lórí asẹ́ rọrùn, gbé òun náà sórí òṣùwọ̀n. Ohun tó bá kù ni omi tó gbẹ lójú agbada.

Iye tí mo fẹ́ kọ yìí jẹ́ ti àpẹẹrẹ, tirẹ lè yàtọ̀ díẹ̀. Bí ó ṣe máa rí nìyí:

```
Oko tiwa [600] Ẹ̀gẹ́ tútù
Ẹ̀gẹ́ rírà [400] Ẹ̀gẹ́ tútù
Ẹ̀gẹ́ tútù [250] Èèpo
Ẹ̀gẹ́ tútù [750] Ẹ̀gẹ́ rírin
Ẹ̀gẹ́ rírin [300] Omi ẹ̀gẹ́
Ẹ̀gẹ́ rírin [450] Ẹ̀gẹ́ fífún
Ẹ̀gẹ́ fífún [30] Pàǹtí asẹ́
Ẹ̀gẹ́ fífún [195] Gbígbẹ lágbada
Ẹ̀gẹ́ fífún [225] Gààrí
Gààrí [60] Òkè-Ajé
Gààrí [36] Ṣàgámù
Gààrí [120] Alájàpá
Gààrí [9] Jíjẹ nílé
```

Ibi tí nǹkan ti wá wà lápá òsì, iye wà láàárín àkámọ́, ibi tó ń lọ wà lápá ọ̀tún. Ìlà kan, ọ̀nà kan. Bó o bá ro gbogbo ohun tó jáde kúrò lára ẹ̀gẹ́ láìdi gààrí pọ̀, èèpo 250, omi 300, pàǹtí 30, gbígbẹ 195, ó di 775. Fi 225 ti gààrí kún un, ó pé 1,000.

Kílò 1,000 ẹ̀gẹ́ sábà máa ń mú gààrí kílò 200 sí 250 jáde. Bí tìrẹ bá ré kọjá ìyẹn dáadáa, ó lè jẹ́ pé gààrí náà ò gbẹ, tàbí pé òṣùwọ̀n ń parọ́. Bó bá wálẹ̀ gan-an, wo ọwọ́ àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, bóyá ara ẹ̀gẹ́ ń bá èèpo lọ. O sì lè rí èyí láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ọ̀nà èèpo á sanra ju bó ṣe yẹ lọ.

Àmì `*` kan wà tí o lè fi sínú àkámọ́ dípò iye, SankeyMATIC á sì fi ìyókù síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn ní ìlà gbígbẹ lágbada, nítorí kò sẹ́ni tó lè wọn èéfín. Má lò ó láàárín gààrí sí ọjà láé. Bí kílò 12 bá sọnù níbẹ̀, àmì yẹn á rọra bò ó mọ́lẹ̀, ohun tó sì yẹ kí àwọn ìyá rí gan-an nìyẹn.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe é, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àpótí gààrí di méjì. Ọ̀kan gba 225 wọlé, kò tú nǹkan kan jáde. Ìkejì ń tú gààrí jáde láìgba nǹkan kan. Mo ti yẹ ìkọsílẹ̀ wò, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìdáhùn: Ọ̀kan náà ni wọ́n lójú tìrẹ. Lójú kọ̀ǹpútà, àmì kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ti tó láti sọ orúkọ di méjì: "Gààrí" kì í ṣe "Gàárì", kì í sì í ṣe "Gaari". Èyí tó le jù ni pé lẹ́tà bíi "ẹ̀" ṣe é tẹ̀ lọ́nà méjì. Fóònù kan á kọ "ẹ" kó tó gbé àmì lé e lórí, òmíràn á kọ "è" kó tó fi kókó sí i nísàlẹ̀. Ojú ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Èmi náà fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan wá irú rẹ̀, torí mo tẹ ìdajì lórí fóònù, ìdajì lórí kọ̀ǹpútà. Tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó o máa dà á kọ láti ibẹ̀ lọ síbi tó kù.

Ìbéèrè: Ó ti dọ́gba báyìí. Ìyá alága ní kí n yọ "Alájàpá" kúrò, kí n kọ "Máìlì 12" síbẹ̀, pé Èkó ni gbogbo wọn ń kó o lọ. Wọ́n tún ní kí owó hàn lójú àwòrán náà.

Ìdáhùn: Ta ló tẹ̀ lé wọn dé Máìlì 12? Ìwé tìrẹ dópin níbi tí alájàpá ti gbé àpò sínú ọkọ̀. Ó lè já ìdajì sí Ṣàgámù lójú ọ̀nà. Jẹ́ kí àpótí rẹ̀ máa jẹ́ Alájàpá. Bí àwọn ìyá bá fẹ́ mọ iwájú rẹ̀, kí wọ́n bi í nígbà tó bá tún wá kó ẹrù, pé àpò mélòó ló ń já síbo. Ohun tó bá sọ ni kó o fi gùn ún síwájú, kó o sì kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán pé ẹnu rẹ̀ lo ti gbọ́ ọ.

Ní ti owó, àwòrán mìíràn ni. Kílò àti náírà ò lè jọ wà lójú ọ̀nà kan náà, ohun tó kó ọ sí wàhálà lákọ̀ọ́kọ́ náà nìyẹn. Nínú ti owó, ohun tí Òkè-Ajé, Ṣàgámù àti alájàpá san ló máa wà lápá òsì, kó wá pín lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, onígi ìdáná, ẹlẹ́rọ, onímọ́tò àti àpò ẹgbẹ́. Gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kó o wo ọ̀nà alájàpá nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Nínú ti kílò, òun ló gba 120 nínú 225. Bó bá tín-ínrín nínú ti owó, ọ̀rọ̀ iye tí ẹ ń tà á fún un ló kù kí ẹ jọ jókòó lé lórí.