Ìkòkò mẹ́wàá nínú ẹyọ kan: bí mẹ́kúrì ṣe ń pọ̀ sí i nínú ẹja ńlá

Ní ọjà Wàndó, ní Àjàṣẹ́, ẹni tó bá ní oró inú ẹja ń ba òun lẹ́rù, wọ́n á ní kó fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, kó sì yan án kó gbẹ. Ó dára fún ìdọ̀tí àti òórùn. Ní ti mẹ́kúrì, kò tu irun kan lára rẹ̀.

Èéfín èédú inú ilẹ̀ àti ìwakùsà góòlù ló ń tú mẹ́kúrì sí afẹ́fẹ́, òjò á sì gbá a bọ́ sínú omi. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan á sọ ọ́ di mẹ́tílì mẹ́kúrì, irú rẹ̀ tó ń wọ ara ẹja. DDT, oògùn apakòkòrò, ọ̀rá ló ń sá sí. Tí a bá gé ọ̀rá ẹja dànù, díẹ̀ nínú rẹ̀ á bá a lọ. Mẹ́tílì mẹ́kúrì kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹran ẹja tí à ń jẹ gan-an ló lẹ̀ mọ́.

Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná. Omi ń gbẹ, iyọ̀ ò lọ síbì kankan, ọbẹ̀ sì ń níyọ̀ sí i. Bí ara ẹja ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ń sun èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀ láti fi mí àti láti fi wẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́kúrì kì í jó, kì í sì í tètè jáde. Kí ẹja apẹja-jẹ tó fi kílò kan tóbi sí i, ó lè jẹ tó kílò mẹ́wàá ẹja kéékèèké. Ìkòkò mẹ́wàá tí ọbẹ̀ wọn ti gbẹ la dà sínú ẹyọ kan yẹn, tí a tún gbé e padà sórí iná. Ẹja tó jù ú lọ á tún kó mẹ́wàá irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ jọ. Díẹ̀ máa ń jáde lọ́nà, ìdí nìyẹn tí ìlọ́po kì í fi í pé mẹ́wàá ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbára lé ààrò, iṣẹ́ kan náà ni iná ibẹ̀ ń ṣe: omi lọ, mẹ́kúrì kù. Ìwọ̀n kan náà ẹja gbígbẹ ní mẹ́kúrì ju tútù rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́ lára ẹja ọjà wọn, kílò kan sadíìnì ní nǹkan bíi 0.013 mílígíráàmù, ti àkurákudà sún mọ́ 1. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ àjọ oúnjẹ àgbáyé, FAO, àti ti àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbà láàyè fún obìnrin tó wọn 60 kílò kò pé 0.1 mílígíráàmù lọ́sẹ̀. Gé àkurákudà kan tó wọn 100 gíráàmù ti jẹ ẹ́ tán. Sadíìnì á tó kílò méje kó tó kún.

Nítorí oyún ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mẹ́kúrì ń gba ẹ̀jẹ̀ ìyá kọjá sí ọpọlọ ọmọ. Ní Minamata, ní Japan, tí àìsàn tí mẹ́kúrì inú ẹja fà ti hàn sí gbangba ní 1956, àwọn ìyá kan tí ara wọn dà bí ẹni tó le bí ọmọ tí kò lè rìn, tí kò lè sọ̀rọ̀. Nílé wa, gé ẹja tó tóbi jù la máa ń bu fún aláboyún láti fi kẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ àkurákudà ni, ṣáwá tí à ń já fún àwọn ọmọ ló sàn fún un. Bí nǹkan bí oṣù méjì ni ara ènìyàn fi ń dín mẹ́kúrì kù sí ìdajì, nítorí náà kí oyún tó dúró ló yẹ kó ti yí ẹja padà.