Yíyọ àtẹ̀jíṣẹ́ jáde láti inú iPhone fún ìwádìí ọ̀ràn

Nínú iPhone, àtẹ̀jíṣẹ́ SMS àti iMessage wà nínú fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ `sms.db`, ní `/private/var/mobile/Library/SMS`. Dátábéèsì SQLite ni. Kíkà á kò ṣòro fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Bí ọwọ́ yóò ṣe tó o ni wàhálà wà, nítorí pé fóònù ti yí gbogbo dátà inú rẹ̀ sí àmì tí kò ṣeé kà láìsí kọ́kọ́rọ́, ohun tí wọ́n ń pè ní ẹnkiríṣọ́nì.

Nǹkan méjì ló pilẹ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí: nọ́ńbà tí oníǹkan fi ń ṣí fóònù, àti nọ́ńbà àṣírí kan tí wọ́n fi sínú ṣípù láti ilé iṣẹ́, tí kò ṣeé kà jáde. Nítorí náà, yíyọ ṣípù ìpamọ́ láti lọ kà á lórí ẹ̀rọ mìíràn, bí wọ́n ti ń ṣe láyé àtijọ́, kò wúlò mọ́. Orí fóònù náà gan-an ni a ti gbọ́dọ̀ máa dán nọ́ńbà wò, ìdánwò kọ̀ọ̀kan sì ń gba nǹkan bíi ìdá 80 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ìyẹn nìkan bá ni ìdènà, nọ́ńbà oníṣirò mẹ́rin, tó jẹ́ 10,000, yóò tán láàárín ìṣẹ́jú 13 ó lé díẹ̀; oníṣirò mẹ́fà yóò gba wákàtí 22 ó lé. Àmọ́ Secure Enclave, ṣípù kékeré tó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́, máa ń fi kún àkókò ìdúró lẹ́yìn àṣìṣe léraléra, oníǹkan sì lè ti pa á láṣẹ pé kí dátà parẹ́ lẹ́yìn àṣìṣe 10.

Lórí irú ìdènà bẹ́ẹ̀ ni FBI àti Apple ṣe dé ilé ẹjọ́ lọ́dún 2016, nítorí iPhone 5c kan nínú ọ̀ràn ìbọn yíyìn tó ṣẹlẹ̀ ní San Bernardino, ní California. Fóònù yẹn kò ní Secure Enclave. Sọ́fítíwíà ló ń mú ìdúró náà ṣẹ, FBI sì fẹ́ kí Apple ṣe òmíràn tí yóò mú un kúrò. Apple kọ̀. Lóṣù Kẹta ọdún náà, ẹlòmíràn bá FBI ṣí i, ẹjọ́ sì parí síbẹ̀.

Ohun tó ń pinnu jù lọ, lójú àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí, ni ipò tí fóònù wà nígbà tí wọ́n gbà á. Bí wọn kò bá tíì fi nọ́ńbà ṣí i láti ìgbà tí wọ́n ti tàn án, kọ́kọ́rọ́ `sms.db` kò sí níbì kankan nínú rẹ̀ lọ́nà tó ṣeé lò. Bí wọ́n bá ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan, kọ́kọ́rọ́ náà ń bẹ nínú mẹ́mórì títí fóònù yóò fi kú, kódà bí ojú rẹ̀ bá wà ní títì, nítorí pé fóònù nílò láti gba àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé fóònù kan wọlé bẹ́ẹ̀: ó ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ sì wà ní títì. Wọn kì í pa á. Wọ́n á kó o sínú àpò tí ń dènà ìgbì rédíò, kí ẹnikẹ́ni má baà ránṣẹ́ pé kí ó pa ara rẹ̀ rẹ́, wọ́n á sì so ó mọ́ bátìrì kan kí ó má baà kú. Kíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é: láti iOS 11.4.1 ni ihò USB ti ń dènà dátà lẹ́yìn wákàtí kan tí fóònù bá ti wà ní títì, láti iOS 18.1 sì ni fóònù tí a kò ṣí fún wákàtí 72 ti ń kú tí yóò sì tún ara rẹ̀ tàn. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ti lọ. Láàárín àkókò yẹn, irinṣẹ́ wọn ní láti rí àbùkù kan nínú iOS náà gan-an lò, ẹ̀yà tuntun sì sábà máa ń dí àbùkù àtijọ́.

Bí fáìlì bá jáde, kì í dá jáde. `sms.db-wal`, níbi tí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ti ń dúró, gbọ́dọ̀ bá a jáde. Ẹni tó bá ṣí `sms.db` nìkan lè má rí àtẹ̀jíṣẹ́ tó dé kẹ́yìn rárá. Ẹni tó bá sì ṣí méjèèjì láì dènà ìkọ̀wé, SQLite lè da `-wal` pọ̀ mọ́ ọn nígbà tó bá ń padé, ẹ̀rí á sì yí padà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣírò SHA-256 fáìlì kọ̀ọ̀kan, àmì tó máa yí padà bí ohunkóhun bá yí padà nínú fáìlì, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà. Àṣẹ tí wọ́n fi ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ àti àkókò rẹ̀ nìyí:

```
SELECT ROWID,
 datetime(date/1000000000 + 978307200, 'unixepoch'),
 text FROM message;
```

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2001 ni iOS ti ń ka àkókò yìí, ní nánòsẹ́kọ́ńdì; láti ọdún 1970 ni `unixepoch` ti ń ka tirẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 978307200 ló sì wà láàárín méjèèjì. 757382400000000000 jẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2025. Bí òṣìṣẹ́ bá gbàgbé láti fi 978307200 kún un, ọdún 1994 ni yóò hàn, ìyẹn ṣáájú kí iPhone tó wà. Bí `text` bá ṣófo, ọ̀rọ̀ náà lè wà nínú òpó mìíràn tó ń jẹ́ `attributedBody`.

Bí ROWID, nọ́ńbà tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń gbà tẹ̀léra, bá fo láti 4120 sí 4124, ìlà mẹ́ta ti kúrò. Ọ̀rọ̀ inú wọn lè ṣì kù nínú `-wal` tàbí nínú ojú ewé tí SQLite kò tíì kọ nǹkan mìíràn sí. Ó sì lè ti parẹ́ pátápátá. Fífò yẹn nìkan kò sọ ẹni tó pa wọ́n rẹ́, kò sì sọ ohun tí wọ́n wí.

Signal, áàpù àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn, fi ìpele kan kún un. SQLCipher, irú SQLite tó ní ẹnkiríṣọ́nì, ló fi ti dátábéèsì tirẹ̀ pa, kọ́kọ́rọ́ ìyẹn sì wà nínú keychain, ibi tí fóònù ń tọ́jú àṣírí sí. Òṣìṣẹ́ tó bá rí fáìlì náà láìrí ohun inú keychain kò tíì rí nǹkan kan kà.