Tí agbowó-orí bá gbé òṣùwọ̀n yín lọ lọ́jà, ìwé mẹ́ta lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Ìyá Ẹlẹ́ja kan wà ní Ọjà Ọba, Ìlọrin. Ọjà ti kún, ọkùnrin mẹ́rin bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ní ó jẹ gọ́fúmẹ́ǹtì ní N24,000. Kó tó dáhùn, wọ́n ti gbé òṣùwọ̀n ẹ̀ pẹ̀lú páálì ẹja ṣàwá méjì. Ó ń bẹ̀bẹ̀, àwọn aládùúgbò ń pariwo, ẹnì kan wá sún mọ́ ọn pé "Ìyá, ẹ fún wọn ní N5,000 kí wọ́n dá a padà." Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, torí N5,000 yẹn ò ní rìsíìtì, gbèsè N24,000 sì ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn mìíràn lè tún dé.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó mọ̀ ni pé owó wo ni wọ́n ń bèèrè. Owó-orí tó jẹ́ ti èrè téèyàn ń jẹ nídìí òwò, ìpínlẹ̀ ló ń gbà á, ní Kwara àjọ agbowó-orí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní KW-IRS ni. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó kíóósìkì àti owó ọjà tí ìpínlẹ̀ ò náwó sí, ti kánsù ni, òfin 1998 tó pín owó tí ìjọba ń gbà sáàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti kánsù ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyẹn. Àwọn méjèèjì ò papọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026 tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀, N800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí wọ́n bu owó-orí lé lọ́dún ò ní owó-orí kankan, torí náà ìyá tí èrè ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀ lè máa sọ pé òun ò jẹ owó-orí, òótọ́ sì ni, àmọ́ ìyẹn ò ní kí kánsù má gba owó ìsọ̀ ẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìjà lọ́jà tó jẹ́ pé owó ìsọ̀ ni wọ́n ń bèèrè, tí ìyá ń fi N800,000 dá wọn lóhùn.

Ká wá gbà pé owó-orí ni. Agbowó-orí ò lè kàn dé kó gbé ẹrù. Ìwé mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ ti ṣíwájú. Èkíní ni asẹ́sìmẹ́ǹtì, ìwé tí wọ́n fi sọ fún un pé ìṣirò wa fi hàn pé o jẹ báyìí fún ọdún báyìí. Nígbà tó bá ti gbà á, ó ní ọjọ́ 30 láti kọ̀wé pé ìṣirò yẹn ò tọ́, kó sọ ìdí ẹ̀. Tó bá dákẹ́ títí ọjọ́ 30 fi pé, owó náà ti fìdí múlẹ̀ nìyẹn, kò sì rọrùn mọ́ láti jiyàn lórí iye ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ìwé gọ́fúmẹ́ǹtì sábẹ́ tábìlì, ẹ gbọ́ o. Èkejì ni dìmáǹdì nóòtì, tó máa sọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ ti san án tán. Ẹ̀kẹta ni wọ́ọ̀ráǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin owó-orí lọ́dún 2011 ló ní kí òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ lọ búra níwájú adájọ́ Háí Kọ́ọ̀tù kó tó gbà á. Òfin tuntun ti 2026 ló ti rọ́pò òfin yẹn, torí náà ọdún tí gbèsè náà jẹ́ ṣe pàtàkì, tí wọ́n bá ní ti 2024 ni, òfin tó wà nígbà yẹn lẹ máa fi wo ìwé náà. Tí wọ́ọ̀ráǹtì bá wà lóòótọ́, ọlọ́pàá lè tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì lè já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ojúmọmọ ni.

Ti kánsù yàtọ̀ díẹ̀. Báílọ́ọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi hàn, òfin tí àwọn kánsẹ́lọ̀ ṣe, àti ibi tó ti ní kí wọ́n gbé ẹrù. Káàdì tó rọ̀ sọ́rùn kì í ṣe báílọ́ọ̀. Òfin 1998 yẹn náà ní ẹnikẹ́ni tí kò bá láṣẹ tó ń gba owó, tàbí tó dí ọ̀nà torí owó-orí, lè san N50,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì.

Kí ni Ìyá Ẹlẹ́ja á wá ṣe lójú ẹsẹ̀? Kó má di òṣùwọ̀n mú, kó má ti ẹnikẹ́ni, torí tí ìwé wọn bá pé, dídí wọn lọ́wọ́ lè di ẹ̀sùn míì sí i lọ́rùn. Kó ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n rí ìwé yín," kó ya ìwé náà ní fọ́tò, kó ya nọ́mbà bọ́ọ̀sì, kó bèèrè ọ́fíìsì tí wọ́n ń gbé ẹrù lọ. Kó ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀, òṣùwọ̀n kan, páálì ṣàwá méjì, aago báyìí, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Tí wọ́n bá kọ̀, kó kọ ọ́ fúnra ẹ̀, kí ẹni méjì lára àwọn tó wà níbẹ̀ buwọ́ lù ú pẹ̀lú nọ́mbà fóònù wọn. Rìsíìtì tó fi ra ẹja ní kóòdùrúùmù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó má jù ú nù, òun ló máa fi hàn ilé-ẹjọ́ pé ẹja náà tó iye tóun sọ.

Ẹja ló le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ní wọ́n lè tọ́jú ẹrù tí wọ́n gbà fún ọjọ́ 14, lórí owó ẹni tó ni ín, tí gbèsè àti owó ìtọ́jú ò bá wọlé lẹ́yìn náà wọ́n lè tà á. Òṣùwọ̀n á dúró ọjọ́ 14, ṣàwá ò ní dúró títí di alẹ́. Torí náà lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà gan-an, kó sọ pé nǹkan tó ń bàjẹ́ wà níbẹ̀, kó ní kí wọ́n dá ẹja padà lójú ẹsẹ̀, kó sì bèèrè fọ́tòkọ́pì asẹ́sìmẹ́ǹtì, dìmáǹdì nóòtì àti wọ́ọ̀ráǹtì. Kí wọ́n fi sítáǹbù sí kọ́pì tó máa mú lọ sílé. Tó bá wá rí i pé dandan lòun máa san owó kóun tó gba òṣùwọ̀n, kó san án sínú àkáǹtì ìjọba, kó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun san án láìgbà pé òun jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá ta nǹkan ẹ̀, tí owó sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbèsè àti ìnáwó, tiẹ̀ ni, àmọ́ kó bèèrè fún un kí ọdún kan tó pé.

Tí kò bá sí ìwé kankan tí wọ́n lè fi hàn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó-orí. Abala 44 nínú kọ́nsítítúṣọ̀n ò jẹ́ kí wọ́n gba ohun ìní èèyàn láìbá òfin mu, owó-orí ò sì sọ pé kí wọ́n má tẹ̀ lé òfin. Lọ́yà lè lọ Háí Kọ́ọ̀tù nípa ẹ̀tọ́ ẹ̀. Ẹni tówó tó ń wọlé fún un ò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, N70,000 báyìí, lè lọ Lígà Éèdì, àjọ ìjọba tó ń fún tálákà ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin. Òfin 2025 sì dá ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Tax Ombud sílẹ̀ fún ẹjọ́ ẹni tí agbowó-orí bá fìyà jẹ. Tó bá jẹ́ owó ẹja tó bàjẹ́ ló fẹ́ gbà, kó má jẹ́ kó ju oṣù mẹ́ta lọ kí ẹjọ́ tó wọlé, torí òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Lẹ́tà tí wọ́n fi sítáǹbù sí lọ́jọ́ kìíní yẹn ni lọ́yà máa kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀.